Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò Things Fall Apart: mú ìran mẹ́fà, kí o fi ìyókù sílẹ̀

Orí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìwé Chinua Achebe yìí ní. Bí o bá ní o fẹ́ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lálẹ́ òní, ibi àjọ̀dún iṣu tuntun ni oorun yóò ti gbé ọ lọ, ìyẹn Orí 5, nígbà tí ohun tí ìdánwò fẹ́ràn láti máa bèèrè kò tíì ṣẹlẹ̀ rárá. Nítorí náà, kíkà ti parí. Iṣẹ́ tó kù lálẹ́ yìí ni pé kí o mú ìran mẹ́fà, kí o mọ̀ wọ́n dé ibi tí o fi lè tò wọ́n jáde láìwo ìwé, kí o sì mọ irú ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dáhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á pín bébà sí mẹ́ta: kókó-ọ̀rọ̀ lápá kan, ẹ̀dá-ìtàn lápá kan, àyọlò lápá kan. Ó máa ń rẹwà lójú. Àmọ́ tí wọ́n bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, wọn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọ́n á kọ pé “Okonkwo jẹ́ akíkanjú,” wọ́n á sọ àyọlò kan tó dá lórí òwe sí i, ọ̀kan kò sì ní bá èkejì tan. Nínú ìran, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà pọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹnì kan ṣe nǹkan, ohun tó ṣe fi ìwà rẹ̀ hàn, ọ̀rọ̀ kan tí Achebe kọ síbẹ̀ sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀

Wá ìwé náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkópọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe. Wá bébà mẹ́fà, ọ̀kan fún ìran kan. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, kọ nọ́ńbà orí tí ìran náà wà, kí o fi gbólóhùn mẹ́ta péré sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o da àyọlò kan kọ láti inú ìwé, kí o sì fi ìbéèrè tí ìran náà lè dáhùn parí rẹ̀. Àyọlò yẹn kò gbọdọ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá tó. Ẹni tó bá há odindi ìpínrọ̀ sórí máa ń sọ ọ́ nù láàárín, ẹ̀rù á wá bà á, á sì gbàgbé èyí tó mọ̀ dáadáa pàápàá.

Yorùbá ni mo fi sọ àwọn àyọlò tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí o lè dá wọn mọ̀ nígbà tí o bá ṣí orí náà. Ohun tí o máa kọ nínú ìdánwò ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé gan-an, bó ṣe wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè láti mú ìwé wọlé, má ṣe há ohunkóhun sórí. Fi àmì sí ojú ewé tí ìran mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà, kí o fi àsìkò tó kù dán ìdáhùn wò.

Okùn kan ló so ìran mẹ́fà wọ̀nyí pọ̀: ẹ̀rù ń ba Okonkwo kí ó má baà jọ bàbá rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe láti sá fún ìjọra yẹn ló gbé e débẹ̀. Tí o bá di okùn yìí mú, o ò ní sọnù, ìbáà jẹ́ ìbéèrè lórí ìwà, lórí àṣà, lórí obìnrin tàbí lórí ìdé àwọn òyìnbó.

Ìran kìíní: Unoka àti ẹ̀rù (Orí 1 sí 3)

Unoka, bàbá Okonkwo, mọ fèrè fọn, ó fẹ́ràn ẹmu àti àpèjẹ, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Okoye wá béèrè owó rẹ̀, ẹ̀rín ni Unoka fi dá a lóhùn, ó sì nawọ́ sí àwọn ìlà tó fi ẹfun fà sára ògiri: gbèsè àwọn ẹlòmíràn tó ju tìrẹ lọ nìyẹn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ san. Ìran yìí ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kó pa ọ́ lẹ́rìn-ín, nítorí Achebe kò sọ Unoka di ènìyàn burúkú. Okonkwo nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀.

Àyọlò tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé wà ní Orí 2: ẹ̀rù ló ń darí gbogbo ayé Okonkwo, ẹ̀rù ìkùnà àti ti àìlágbára. Ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìwé sọ pé ẹ̀rù náà kì í ṣe ti ẹnì kan lóde, ẹ̀rù ara rẹ̀ ni, kí wọ́n má baà rí i pé ó jọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Achebe sọ pé Okonkwo kórìíra gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn, ó sì dárúkọ méjì: ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìmẹ́lẹ́. Dúró síbẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìmẹ́lẹ́ kì í ṣe irú nǹkan kan náà. Okonkwo da ohun rere mọ́ ohun burúkú, ó sì kọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá lè kọ gbólóhùn yẹn nínú ìdáhùn rẹ, o ti kúrò lára àwọn tó kàn ń sọ ìtàn.

Fi nǹkan kan láti Orí 3 kún bébà yìí, má sì gbàgbé rẹ̀: nígbà tí àìsàn mú kí ara Unoka wú, wọ́n gbé e lọ sínú Igbó Burúkú láti kú síbẹ̀. Kò ní sàréè. A óò padà sí i ní ìran kẹfà.

Ìran kejì: ikú Ikemefuna (Orí 7 àti 8)

Ibí ni kí o ti lo àkókò jù. Bí wọ́n bá ní ìran kan ṣoṣo ni o lè mọ̀ nínú ìwé yìí, òun ni kí o mú.

Ọmọkùnrin láti Mbaino ni Ikemefuna. Wọ́n fi í san ẹ̀san nítorí pé àwọn ará Mbaino pa ìyàwó Ogbuefi Udo. Ó gbé ilé Okonkwo fún ọdún mẹ́ta, ó ń pè é ní bàbá, òun ló sì dà bí ẹ̀gbọ́n fún Nwoye. Nígbà tí Òrìṣà Òkè òun Ihò ní kí wọ́n pa á, àgbà tó ń jẹ́ Ezeudu wá bá Okonkwo, ó sọ fún un pé ọmọ yẹn ń pè ọ́ ní bàbá, má ṣe lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Okonkwo bá wọn lọ. Nínú igbó, ọkùnrin kan ṣá ọmọ náà ní àdá, ọmọ náà sá tọ Okonkwo wá, ó ké pé bàbá mi, wọ́n ti pa mí o. Okonkwo fa àdá yọ, ó sì ṣá a balẹ̀.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kúrú, ó sì rọrùn láti há sórí: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà kà á sí aláìlágbára. Wò ó dáadáa. Kò sí òrìṣà kankan nínú gbólóhùn yẹn, Achebe kò sì sọ pé ó ṣe é nítorí àṣà. Ẹ̀rù tó wà ní Orí 2 ló jáde síta níbí, tí àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, kì í ṣe pé Okonkwo kò mọ̀ ọ́n lára. Ní Orí 8, kò fẹnu kan oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹmu ló ń mu, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tó di arúgbó obìnrin tó ń gbọ̀n. Tí ìbéèrè bá ní ṣé òǹrorò ni Okonkwo, ibí yìí ni kí o sáré wá. Ní Orí 2 pàápàá, Achebe ti sọ pé bóyá nísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Okonkwo kì í ṣe òǹrorò. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó pa á nítorí pé ojú ń tì í láti fi ìfẹ́ hàn.

Obierika, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ìwé fi dojú kọ ọ́. Nínú Orí 8 kan náà, ó ní bí Òrìṣà bá sọ pé kí wọ́n pa ọmọ òun, òun kò ní jiyàn, òun kò sì ní jẹ́ ẹni tó máa pa á. Ó tún ní ohun tí Okonkwo ṣe kò ní dùn mọ́ Ilẹ̀ nínú. Ọ̀rọ̀ Obierika wúlò fún ọ gan-an. Ó fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà nínú àṣà Umuofia fúnra rẹ̀, pé ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún òrìṣà láìfi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ pé “àṣà wọn ló fipá mú Okonkwo” ti ṣì í.

Ìran kẹta: ìbọn tó bú, àti ìgbèkùn (Orí 13 àti 14)

Ezeudu tó kìlọ̀ fún Okonkwo kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ìbọn Okonkwo bú, irin kan sì gún ọmọ olóògbé náà ní àyà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó kú. Okonkwo gbọ́dọ̀ sá kúrò nílùú fún ọdún méje, wọ́n sì wó ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ lè mọ́. Obierika wà lára àwọn tó wó o. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó ń rò ó pé kí ló dé tí ènìyàn fi máa jìyà tó báyìí nítorí ohun tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá: ìwé sọ pé irú ìpànìyàn yìí pín sí akọ àti abo, èyí tí Okonkwo ṣe sì jẹ́ abo, nítorí pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún ohunkóhun tó bá jọ obìnrin ni ẹ̀ṣẹ̀ abo lé jáde nílùú. Ibi tó sì sá lọ ni Mbanta, ìlú ìyá rẹ̀. Níbẹ̀ ni Uchendu, arákùnrin ìyá rẹ̀, ti bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Nneka, pé ìyá ló ga jù. Ìdáhùn Uchendu ni pé ti bàbá ni ọmọ, ṣùgbọ́n tí bàbá bá na ọmọ, ahéré ìyá ni ọmọ máa ń sá lọ. Tí ìbéèrè lórí ipò obìnrin bá jáde, má ṣe dúró lórí lílù tí Okonkwo lu àwọn ìyàwó rẹ̀ nìkan. Uchendu ni ìdajì kejì ìdáhùn rẹ.

Lórí bébà yìí kan náà, kọ àyọlò méjì tó ń bá ara wọn jà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní Orí 4, ìwé sọ pé tí ènìyàn bá ní bẹ́ẹ̀ ni, chi rẹ̀ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Orí 14, Okonkwo ronú pé òwe àwọn àgbà yẹn kì í ṣe òtítọ́, pé òun ní bẹ́ẹ̀ ni, chi òun sì kọ̀. Kò sí méjì tó dára jù èyí fún ìbéèrè lórí kádàrá. O lè fi wọ́n hàn pé èrò Okonkwo fúnra rẹ̀ yí padà, o sì lè bèèrè bóyá ó tọ̀nà: ṣé chi ló kọ̀, tàbí òun ló ń fi chi bo ohun tó ṣe mọ́lẹ̀?

Ìran kẹrin: Nwoye kúrò nílé (Orí 16 àti 17)

Èyí kúrú. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé Mbanta, Nwoye tẹ́tí sí wọn. Achebe sọ ní kedere pé kì í ṣe àlàyé Mẹ́talọ́kan ló fà á, kò yé e. Orin ni, orin àwọn ará tó jókòó nínú òkùnkùn àti ìbẹ̀rù, tó dà bí ìdáhùn sí ìbéèrè tó ti ń dà á láàmú: àwọn ìbejì tí wọ́n jù sínú igbó tí wọ́n ń sunkún, àti Ikemefuna tí wọ́n pa. Nítorí náà, tí o bá kọ pé ẹ̀sìn tuntun ló gba Nwoye lọ́wọ́ Okonkwo, fi kún un pé Orí 7 ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní alẹ́ tí wọ́n pa Ikemefuna, ìwé sọ pé ohun kan já nínú Nwoye bí ọrun tí wọ́n fà le. Nígbà tí Obierika béèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti darapọ̀ mọ́ wọn, ó ní òun kò mọ̀, kì í ṣe bàbá òun. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni, há a sórí.

Ní òpin Orí 17, Okonkwo ń wo iná, ó sì rò ó pé iná tó ń jó ló ń bí eérú tútù tí kò lè ṣe nǹkan kan. Òun ni iná, Nwoye ni eérú. Kò rí i pé iná yẹn náà ló jó ọmọ.

Ìran karùn-ún: ọ̀bẹ (Orí 20)

Okonkwo ti padà sí Umuofia, ó sì ń bi Obierika pé kí ló dé tí wọn kò fi lé àwọn òyìnbó jáde. Obierika dáhùn pé òyìnbó gbọ́n gan-an. Ó wọlé wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀sìn rẹ̀, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a gbà á láàyè, ó sì ti gba àwọn arákùnrin wa. Ó ti ki ọ̀bẹ bọ ohun tó so wá pọ̀, a sì ti túká. Inú gbólóhùn yìí ni àkọlé ìwé ti fara hàn, nítorí náà àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn rẹ̀. Má ṣe fi í sí ẹnu Okonkwo. Ọ̀rọ̀ Obierika ni, ó sì yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, nítorí òun ló máa ń ronú lórí nǹkan, Okonkwo máa ń ṣe é kó tó ronú.

Fi orúkọ òyìnbó méjì sẹ́yìn bébà. Ọ̀gbẹ́ni Brown bá Akunna jókòó, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí Ọlọ́run láìsí ìjà (Orí 21). James Smith tó rọ́pò rẹ̀ rí gbogbo nǹkan bíi funfun àti dúdú, dúdú sì ni ibi (Orí 22). Lábẹ́ Smith ni Enoch ti ṣí ìbòjú egúngún kan lójú gbogbo ayé, tí wọ́n sì jó ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì fi hàn pé Achebe kò kó gbogbo òyìnbó pọ̀ sójú kan.

Ìran kẹfà: àdá kejì, àti okùn (Orí 24 àti 25)

Níbi ìpàdé ìlú, ìránṣẹ́ kóòtù dé láti tú wọn ká. Okonkwo fa àdá yọ, ó sì bẹ́ orí ọ̀kan lára àwọn ìránṣẹ́ náà. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Umuofia kò ní jagun, nítorí pé wọ́n jẹ́ kí àwọn ìránṣẹ́ tó kù sá lọ. Ó gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tó ń béèrè pé kí ló dé tó ṣe é. Ó nu àdá rẹ̀ sára yanrìn, ó sì lọ.

Gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ Orí 7. Àdá méjì, ìpànìyàn méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ó pa ẹni tó fẹ́ràn kó lè dà bí àwọn ọkùnrin yòókù. Nínú ti ìkejì, ó pa kí àwọn ọkùnrin yòókù lè dà bí òun, wọn kò sì dà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kéékèèké yẹn, “kí ló dé tó ṣe é?”, ni ìlú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́.

Ní Orí 25, nígbà tí Kọmíṣọ́nnà Àgbègbè dé, Okonkwo ti pokùn so. Àwọn ará ìlú kò lè fọwọ́ kan òkú rẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni, àlejò ló gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Obierika yíjú sí Kọmíṣọ́nnà, ó ní ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó tóbi jù ní Umuofia, ẹ̀yin lẹ lé e dé ibi tó fi pa ara rẹ̀, wọ́n á sì sin ín bí ajá. Rántí Unoka tí kò ní sàréè. Ọmọ tó sá fún bàbá rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ ló parí síbi tí bàbá rẹ̀ parí sí: ilẹ̀ ìlú rẹ̀ kò gbà á.

Kọmíṣọ́nnà ní tirẹ̀ ń ronú ìwé tó fẹ́ kọ. Ó rò pé ó lè fi odindi orí kan sọ ìtàn ọkùnrin yìí, lẹ́yìn náà ó ní ó kéré tán, ìpínrọ̀ kan tó mọ níwọ̀n. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ẹni tí ó fẹ́ fún ní ìpínrọ̀ kan. Tí ìbéèrè bá jẹ́ lórí ìdí tí Achebe fi kọ ìwé yìí, tàbí lórí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ìtàn, ibẹ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀, má sì jìnnà síbẹ̀.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé

Tí o bá ka bébà náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò dà bíi pé o mọ̀ ọ́n, ojú rẹ ló kàn mọ bébà. Dojú rẹ̀ délẹ̀. Mú bébà òfìfo, kọ nọ́ńbà orí, ìṣẹ̀lẹ̀ àti àyọlò, lẹ́yìn náà kí o ṣí èyí tí o kọ́kọ́ kọ, kí o fi wé e. Àyọlò tí o bá ṣì ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ṣàtúnṣe rẹ̀, gbé e sí ìsàlẹ̀, kí o tún un ṣe lẹ́yìn tí o bá ti ṣe méjì mìíràn. Tí àyọlò kan bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, gé e kúrú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó tọ́ dára ju méjìlá tí o fọwọ́ ara rẹ hun. Tó bá sì tún kọ̀, sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ láìfi àmì àyọlò sí i. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán ìbéèrè kan wò

Ká ní wọ́n béèrè pé: ta ló fa ìṣubú Okonkwo, òun fúnra rẹ̀ ni àbí àwọn òyìnbó?

Ìdáhùn tí mo máa ń rí jù máa ń lọ báyìí: Okonkwo jẹ́ akíkanjú, ó na Amalinze, ó ní ìyàwó mẹ́ta, lẹ́yìn náà àwọn òyìnbó dé, ó pa ìránṣẹ́, ó sì pokùn so. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè. Ìtàn ló sọ.

Wo ìpínrọ̀ yìí wàyí: “Kí àwọn òyìnbó tó dé ni Okonkwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní Orí 7, Ezeudu kìlọ̀ fún un kó má lọ́wọ́ nínú ikú Ikemefuna, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣá ọmọ náà, nítorí pé ‘ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà kà á sí aláìlágbára’. Ọjọ́ yẹn ló pàdánù Nwoye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà kò kúrò nílé títí di Orí 17. Àwọn òyìnbó kò dá ẹ̀rù yìí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ìlú tó máa ń gbóríyìn fún un lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó tún fa àdá yọ ní Orí 24, ìbéèrè ni wọ́n fi dá a lóhùn, kì í ṣe ìyìn.”

Ìran méjì péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àyọlò kan tó kúrú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ní tààrà, gbólóhùn tó kẹ́yìn sì fún apá kejì ìbéèrè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kọ ìpínrọ̀ méjì irú rẹ̀ sí i, ọ̀kan lórí ìbọn tó bú (èyí tí kò sí ẹni tó jẹ̀bi rẹ̀), ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ Obierika ní Orí 25 (èyí tó dá àwọn òyìnbó lẹ́bi), ìdáhùn rẹ ti kún. Kíyè sí i pé Obierika kò fara mọ́ ìpínrọ̀ tèmi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùyẹ̀wò fẹ́ràn ẹni tó rí i pé ìwé náà kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Kí o tó sùn, ṣe tìrẹ lórí ìbéèrè mìíràn, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Mú ìbéèrè lórí bàbá àti ọmọ, tó bá jẹ́ pé o kò mọ èyí tí o máa mú: Unoka, Okonkwo àti Nwoye wà nínú ìran kìíní, ìkejì àti ìkẹrin.

Àwọn ohun tó máa ń yí mọ́ni lọ́wọ́

Mbaino ni Ikemefuna ti wá, Mbanta ni Okonkwo sá lọ. Ikú ọmọ Ezeudu ló lé Okonkwo lọ sí ìgbèkùn, kì í ṣe ikú Ikemefuna. Òrìṣà ní kí wọ́n pa Ikemefuna, kò ní kí Okonkwo pa á. Ojiugo, ìyàwó tó kéré jù, ni Okonkwo lù ní Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà (Orí 4), Ekwefi ló yìnbọn sí tí kò bà (Orí 5), òun sì ni ìyá Ezinma. Ìyá Nwoye ni ìyàwó àgbà, ìwé kò sì dárúkọ rẹ̀, nítorí náà má ṣe fún un ní orúkọ. Ezinma ni ọmọ tí Okonkwo fẹ́ràn jù, tó sì máa ń rò pé ó yẹ kó jẹ́ ọkùnrin. Kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí bí ìwé ṣe kọ wọ́n, kódà nígbà tí ọwọ́ rẹ bá ń yá: Okonkwo, Obierika, Ikemefuna, Uchendu.

Tí wọ́n bá fún yín ní àyọkà láti inú ìwé, tí o kò sì mọ orí tó ti wá, wo orúkọ ìlú àti ti àwọn òyìnbó tó wà nínú rẹ̀. Bí Mbanta bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé, Apá Kejì ni, Orí 14 sí 19. Bí Smith tàbí Kọmíṣọ́nnà bá ń sọ̀rọ̀, Apá Kẹta ni, láti Orí 20 lọ. Bí kò bá sí òyìnbó kankan, tí Ikemefuna bá ṣì wà láàyè, Orí 2 sí 7 ni o wà.